Bí Asọ̀rọ̀mágbèsì Ṣe Ń Gba Èsì Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu. Ohun èlò náà a máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń gbọ́ ọ bá bi í ní ìbéèrè, kì í dáhùn; bí ẹni náà bá sì ta kò ó, kì í gbọ́. Fún ẹni tí ń gbọ́ orin, èyí kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti àgbẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ìmọ̀ràn tí ó bá gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan lè mú kí iṣẹ́ ọdún kan gbáko yọrí sí rere, ó sì lè sọ ọ́ di òfo.

Kí a wí pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan kéde lórí rédíò pé kí gbogbo àgbẹ̀ gbin àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ kan wà ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí òjò ti máa ń tètè dé. Òmíràn wà ní agbègbè Ṣakí, níbi tí òjò ti máa ń pẹ́. Ìkéde kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ti gbin àgbàdo tirẹ̀ tán kí ìkéde náà tó jáde. Ilẹ̀ oko ẹnì kejì ṣì gbẹ; bí ó bá gbin irúgbìn sí i, tí òjò kò sì rọ̀, ẹyẹ àti oòrùn ni yóò pín irúgbìn náà. Àwọn méjèèjì mi orí, wọ́n ní, “Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí kò rí oko mi.” Láti ọjọ́ náà, nígbà tí ètò àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, wọn a pa rédíò wọn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà kò ní mọ̀. Yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì máa rò pé àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ òun.

Láti wo àìsàn yìí sàn ni a ṣe dá ètò kan sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí a lè pè ní ẹgbẹ́ olùgbọ́ rédíò. Ètò náà kò le láti ṣàlàyé. Dípò kí olúkúlùkù máa dá gbọ́ rédíò nínú ilé rẹ̀, àwọn aládùúgbò á pé jọ sí ojú kan, wọ́n á jọ gbọ́ ètò àgbẹ̀, wọ́n á jíròrò lórí rẹ̀, wọ́n á pinnu ohun tí wọn yóò ṣe, wọ́n á sì kọ ìbéèrè àti èrò wọn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Ilé-iṣẹ́ náà á sì dáhùn lórí afẹ́fẹ́ kan náà tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍ KÁNÁDÀ

Àwọn àgbẹ̀ Kánádà ni wọ́n sọ ọ̀nà yìí di ètò tí ó kárí orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1941. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba wọn, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wọn, àti ẹgbẹ́ tí ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ní àkókò òtútù, nígbà tí yìnyín bá bo oko mọ́lẹ̀ tí iṣẹ́ sì dáwọ́ dúró, àwọn aládùúgbò á pàdé ní ilé ẹnì kan ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, a ti fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí ó ṣàlàyé ọ̀ràn ọ̀sẹ̀ náà ní ṣókí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́ náà: kà, gbọ́, jíròrò, ṣe.

Nígbà tí ìjíròrò bá parí, akọ̀wé ẹgbẹ́ á kọ ìdáhùn àwọn ará ilé náà sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí olórí àwọn akọ̀wé ní ẹkùn wọn. Ẹni yìí ni yóò kó èrò gbogbo ẹgbẹ́ jọ tí yóò sì ròyìn wọn lórí rédíò. Báyìí ni àgbẹ̀ ṣe ń gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, àti ohun tí àgbẹ̀ mìíràn tí kò mọ̀ rí sọ lórí ọ̀ràn kan náà. Ètò náà ń bá a lọ títí di ọdún 1965.

ÌDÁNWÒ PÚÙNÀ

Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ Kánádà mọ ìwé kà, wọ́n sì ní rédíò nínú ilé wọn. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan náà lè ṣiṣẹ́ ní abúlé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti mọ̀wé, tí rédíò kan ṣoṣo sì wà fún gbogbo ìlú? Ìbéèrè yìí ni ìjọba Íńdíà àti Yunẹ́sikò, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fẹ́ rí ìdáhùn sí nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò kan ní agbègbè Púùnà ní ọdún 1956.

Nǹkan bí abúlé 150 ni wọ́n yàn, ní ìpín márùn-ún ìpínlẹ̀ Bọ́mbè ìgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Màrátì. Abúlé kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì tó nǹkan bí ogún. Láti oṣù Èrèlé títí di oṣù Igbe ọdún náà, ilé-iṣẹ́ rédíò Púùnà ṣe ètò ogún fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ìdajì wákàtí ni ètò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ oko, ìlera, àti ìṣàkóso abúlé ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, ìbéèrè àwọn ẹgbẹ́ a sì máa di ara ètò tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí a fi yẹ ìdánwò náà wò ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Ọ̀gbẹ́ni Pọ́ọ̀lù Nuráàtì, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, ni ó darí ìwádìí náà. A fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará abúlé lẹ́nu wò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, a sì tún padà bi wọ́n léèrè nígbà tí ó parí, láti mọ ohun tí ó ti kún ìmọ̀ wọn. Kì í ṣe àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ nìkan ni a bi léèrè. A tún lọ sí àwọn abúlé tí kò ní ẹgbẹ́. Àwọn kan nínú wọn ní rédíò, àwọn kan kò sì ní. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kò bá má lè mọ̀ bóyá rédíò ni ó kọ́ àwọn ènìyàn tàbí ìpàdé tí ó tẹ̀lé e.

Èsì rẹ̀ ṣe kedere. Ní abúlé tí ó ní ẹgbẹ́, ìmọ̀ àwọn ènìyàn lórí àwọn ọ̀ràn tí a sọ pọ̀ sí i gidigidi. Ní abúlé tí ó ní rédíò ṣùgbọ́n tí kò ní ẹgbẹ́, ìyàtọ̀ kékeré ni a rí. Àwọn tí kò mọ̀wé kópa nínú ìjíròrò, nítorí pé ẹnu àti etí ni a fi ń ṣe é. Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí ó ju ìmọ̀ lọ: àwọn ẹgbẹ́ náà kò dúró sórí ọ̀rọ̀ nìkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu ohun tí abúlé yóò ṣe, wọ́n sì ń ṣe é. Ní ọdún 1959 ìjọba Íńdíà mú ètò náà gbòòrò kárí orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1964 sí 1965, a ṣe irú ìdánwò yìí ní ilẹ̀ Gáná pẹ̀lú, ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níhìn-ín.

Kí ni ó fà á tí ìpàdé fi ṣe ohun tí rédíò nìkan kò lè ṣe? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó dá gbọ́ ìmọ̀ràn kò rí ẹni tí yóò fi í wé ti oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogún ènìyàn bá jókòó, ẹnì kan yóò sọ pé òun ti dán an wò rí, òmíràn yóò sọ ibi tí kò ti bá ilẹ̀ òun mu, ẹlòmíràn yóò béèrè iye owó rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àlejò ṣe ń di ọ̀rọ̀ onílé. Ìpinnu tí ènìyàn sì ṣe lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣòro láti gbàgbé.

BÍ A ṢE Ń ṢE É: ÀPẸẸRẸ ẸGBẸ́ KAN

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ènìyàn dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi abúlé kan ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ẹgbẹ́ olùgbọ́ ti fẹ́ gbọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ohunkóhun tó jáde lórí rédíò. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò àti olùkọ́ àgbẹ̀ á kọ́kọ́ wá sí abúlé náà, wọ́n á sì béèrè ohun tí ó ń pa àwọn àgbẹ̀ lára jù. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ náà rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin sọ pé ẹ̀wà ni ó ń dùn wọ́n, nítorí pé ìgbà ìkórè tí owó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń tà á, kí kòkòrò má baà sọ ọ́ di ìyẹ̀fun mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀wà di ọ̀ràn tí a yàn. Wọ́n tún béèrè àkókò tí àyè yóò gba àwọn obìnrin láti gbọ́. Bí àwọn obìnrin bá ní àwọn ṣì ń dáná ní agogo méje alẹ́, a kò gbọdọ̀ fi ètò sí agogo méje.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, rédíò ṣàlàyé àpò onípele mẹ́ta. Àpò ọ̀rá méjì tí ó nípọn ni ó wà nínú, a sì fi àpò tí a hun bò wọ́n níta. Ẹ̀wà tí ó ti gbẹ dáadáa ni a ó dà sínú ọ̀rá ti inú pátápátá. A ó tẹ afẹ́fẹ́ jáde, a ó lọ́ ẹnu ọ̀rá náà, a ó ká a, a ó sì dè é pinpin. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe sí èkejì àti ẹ̀kẹta. Kò sí oògùn nínú rẹ̀ rárá. Kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀wà ni yóò mí afẹ́fẹ́ ìyókù tán. Nígbà tí kò bá sì sí èyí tí yóò mí mọ́, kò ní lè jẹun, kò ní lè bímọ, yóò sì kú.

Nígbà tí ètò parí, alága pa rédíò. Kò sọ èrò tirẹ̀, nítorí bí alága bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn tí ó kéré sí i kò ní fẹ́ sọ ohun tí ó yàtọ̀. Ó ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó gbọ́, kí ó tó di pé wọ́n sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹnì kan ti gbọ́ pé oògùn wà nínú ọ̀rá náà, a sì ní láti tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Obìnrin kan ní, “Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni mo ń bu ẹ̀wà díẹ̀ lọ tà. Bí mo bá ń tú àpò náà ní ọrọọrún, ṣé kòkòrò kò ní padà?” Òmíràn ní eku ilé òun a máa jẹ àpò lu. Ẹ̀kẹta ní báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀wà òun ti gbẹ tó. Ẹ̀kẹrin béèrè ibi tí a ti ń ta àpò náà àti iye rẹ̀.

Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò kọ “gbogbo wa gbà”; ó kọ iye ènìyàn tí ó wá, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ìbéèrè wọn bí wọ́n ṣe bi í, àti ohun tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Olùkọ́ àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó lè dáhùn láìsí iyèméjì nìkan ni ó dáhùn. Ìyókù lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, rédíò ka àwọn ìbéèrè náà pẹ̀lú orúkọ abúlé tí wọ́n ti wá, ó sì dáhùn wọn. Òótọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ sọ: àpò tí a ń tú lemọ́lemọ́ yóò máa gba afẹ́fẹ́ tuntun. Nítorí náà, kí ó ya ẹ̀wà tí yóò tà láìpẹ́ sọ́tọ̀, kí ó sì di èyí tí ó fẹ́ tọ́jú mọ́lẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá tí eku bá ti lu kò wúlò mọ́ fún iṣẹ́ yìí, nítorí náà kí a gbé àpò náà ka orí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri, kí àyíká rẹ̀ sì mọ́. Ní ti gbígbẹ, kí a bu ẹ̀wà díẹ̀ àti iyọ̀ tí ó gbẹ sínú ìgò tí ó gbẹ, kí a mì í, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi fún ìgbà díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀wà náà ṣì tutù. Bí kò bá lẹ̀, ó ti gbẹ. Ìbéèrè kẹrin kì í ṣe ọ̀ràn tí onímọ̀ kan lè dáhùn. Ilé-iṣẹ́ rédíò ní láti wá oníṣòwò tí ó ní àpò náà lọ́jà, kí ó sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ iye rẹ̀. Bí kò bá sí lọ́jà, kí rédíò sọ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹgbẹ́ náà pinnu pé àwọn kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbàgbọ́. Wọ́n dá owó àpò kan ṣoṣo. Wọ́n pín ẹ̀wà kan náà sí ọ̀nà méjì: apá kan sínú àpò onípele mẹ́ta, apá kan sínú àpò lásán tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé méjèèjì sí yàrá kan náà. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, wọn yóò tú wọn lójú gbogbo ènìyàn, wọn yóò bu ọgọ́rùn-ún ẹyọ ẹ̀wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láì ṣà á, wọn yóò sì ka iye tí kòkòrò ti dá lu. Iye méjì náà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí rédíò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn yìí ní abúlé mìíràn, àgbẹ̀ bíi tirẹ̀ ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kàn bá wọn gbé e ni.

OHUN TÍ Ó MÁA Ń BÀ Á JẸ́

Ohun tí ó ń pa ẹgbẹ́ olùgbọ́ kì í sábà jẹ́ bátìrì tí ó kú. Àìdáhùn ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò gbọ́ ìdáhùn kan kò ní kọ ẹ̀kẹrin. Ẹni tí ń bójútó ètò lè rí àmì rẹ̀ nínú ìwé àwọn akọ̀wé kí ẹgbẹ́ tó tú ká. Bí iye àwọn tí ń wá bá ń dín kù, bí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo bá wà nídìí gbogbo ìbéèrè, bí ìwé bá ń sọ pé “a gbádùn ètò náà” ṣáá láìsí ìbéèrè kan, nǹkan ti ń bàjẹ́. Ìyìn púpọ̀ láìsí àtakò túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn ti padà sí gbígbọ́ láì fèsì, tàbí pé ẹni ńlá kan ni ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn.

Èkejì ni ìbẹ̀rù òtítọ́. Nígbà tí a bá sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ni nìkan ni yóò sọ. Ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ́gà, láti ọdún 1968, ètò rédíò kan ní èdè Wólófù tí wọ́n ń pè ní Dísòó, èyí tí ó túmọ̀ sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀pà láyè láti sọ tẹnu wọn. Wọ́n sọ nípa gbèsè tí ó wà lọ́rùn wọn àti ìwà àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bá wọn ṣe pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún àwọn kan nínú ìjọba láti gbọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó fi hàn pé ètò náà kì í ṣe eré. Ibi tí àgbẹ̀ kò bá ti lè ráhùn, ìmọ̀ràn tí a ń fún un níbẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta ni pé rédíò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè ta àpò, kò lè la ọ̀nà, kò sì lè yá ẹnikẹ́ni lówó. Bí a bá fi rédíò pe àwọn ènìyàn sí iṣẹ́ kan tí ohun èlò rẹ̀ kò sí ní àrọ́wọ́tó wọn, ìjákulẹ̀ ni a pè wọ́n sí, wọ́n á sì rántí rẹ̀ pẹ́.

TẸLIFÓÒNÙ TI DÉ

Lónìí, ìwé akọ̀wé nìkan kọ́ ni ọ̀nà èsì. Láti ọdún 2007 sí 2010, àjọ kan láti Kánádà tí ń ran àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò Áfríkà lọ́wọ́ ṣe ìwádìí ní Gáná, Málì, Màláwì, Tànsáníà àti Ùgáńdà. Ohun tí a rí níbẹ̀ bá ti Púùnà mu: àwọn abúlé tí ó bá wọn ṣe ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ lo ìmọ̀ràn ju àwọn abúlé tí ó kàn gbọ́ ọ lọ. Àgbẹ̀ lè fi tẹlifóònù bi ìbéèrè nígbà tí ètò ń lọ lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn a tilẹ̀ yan nọ́ńbà kan fún “bẹ́ẹ̀ ni” àti òmíràn fún “bẹ́ẹ̀ kọ́”, kí àgbẹ̀ fi fíláàṣì dìbò láì náwó.

Èyí dára, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé ẹni tí ó ní tẹlifóònù tí iná wà nínú rẹ̀ ni yóò pè. Nínú ilé púpọ̀, ọwọ́ baálé ni ó wà. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò bá ka ìpè ogún, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ti ọkùnrin, kò tí ì gbọ́ èrò àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀wà. Nítorí náà ni ìjókòó lábẹ́ igi fi wúlò síbẹ̀: tẹlifóònù á mú ohùn ẹnì kan wá, ṣùgbọ́n ìjókòó ni ohùn kan ti ń pàdé òmíràn, tí ẹni tí kò ní tẹlifóònù sì ń rí àyè sọ̀rọ̀.

Abúlé tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju rédíò kan, alága tí ó lè dákẹ́, akọ̀wé tí yóò kọ ohun tí a sọ bí a ṣe sọ ọ́, àti ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó ti ṣèlérí ọjọ́ tí yóò máa dáhùn. Kí a béèrè ìlérí ìkẹyìn yìí kí a tó ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Láìsí i, asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ni rédíò náà, bó ti wù kí àwọn tí ó yí i ká pọ̀ tó.